Bí a ṣe ń fi ìlànà yẹ àwòṣe áàpù wò, tí a sì ń to àléébù rẹ̀ bó ti wúwo sí

Bí àwọn tó ń ṣe áàpù bá gbé àwòṣe iṣẹ́ wọn wá, tí wọ́n ní kí a bá wọn wò ó, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni bó ti rí lójú wa: àwọ̀ yìí kò wù mí, lẹ́tà yẹn kéré jù, ẹ mú un dán díẹ̀ sí i. Àwọn ayàwòrán á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kà á tán, wọn kò ní mọ èyí tí ọwọ́ wọn yóò kọ́kọ́ kàn. Ọ̀nà mìíràn wà, tí a fi ń gbé àwòṣe ka orí ìlànà, tí a ó wá to àléébù tí a bá rí lẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tó lè pa owó ènìyàn lára dé orí èyí tí ojú kàn kọ̀. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, áàpù kan tí wọ́n ń ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Èkìtì, tí èmi àti àwọn méjì mìíràn bá wọn yẹ̀ wò, ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwòṣe kì í ṣe áàpù gan-an. Àwòrán ojú fóònù ni, tí wọ́n so kọ́ra wọn, tó fi jẹ́ pé bí o bá tẹ bọ́tìnì kan, àwòrán mìíràn á yọ, ṣùgbọ́n kò sí owó, kò sí báńkì, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé pípa àwòrán kan rẹ́ kí a tún un yà kò le rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títú iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ tán. Ewu rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí gbogbo nǹkan lọ déédéé ni wọ́n sábà máa ń yà sínú rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní láti máa béèrè nípa ohun tí kò sí nínú àwòrán, gẹ́gẹ́ bó ti ń béèrè nípa ohun tó wà níbẹ̀.

Jakob Nielsen àti Rolf Molich, àwọn onímọ̀ méjì nípa bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ni wọ́n gbé irú àyẹ̀wò yìí jáde ní ọdún 1990, nígbà tó sì di ọdún 1994, Nielsen tún àwọn ìlànà náà tò sí mẹ́wàá, àwọn mẹ́wàá yìí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò. N kò ní ka gbogbo wọn síhìn-ín, nítorí pé èyí tó bá kan àpẹẹrẹ wa ló máa tètè yé ènìyàn. Ọ̀kan ní kí áàpù máa jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Òmíràn ní kí ó máa sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Òmíràn ní kí ohun kan náà máa rí bákan náà níbi gbogbo, òmíràn ní kí a fi ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣìnà, òmíràn sì ní kí a dí ojú àṣìṣe kí ó tó ṣẹlẹ̀. Wọn kì í ṣe òfin tí ènìyàn lè fi dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ìrírí tó ti pẹ́ ni a sọ di gbólóhùn kúkúrú, kí ojú wa lè mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń rú ènìyàn lójú ni pé a kì í jọ jókòó ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá tirẹ̀ ṣe fún bíi wákàtí kan sí méjì, á gba inú àwòṣe náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Ìgbà àkọ́kọ́ wà fún kí ó mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà kejì ni yóò wá dúró lórí ojú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán ojú fóònù kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì gbé e ka orí àwọn ìlànà. Bí a bá jọ jókòó, ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni gbogbo wa á máa tẹ̀ lé, pàápàá jù lọ níbi tí àgbà bá wà láàárín wa, tí ojú sì ń ti ọmọdé láti sọ pé òun rí i lọ́tọ̀. Nígbà tí Nielsen wo iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ti lo ọ̀nà yìí, ó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kì í rí ju nǹkan bíi ìdá 35 nínú 100 àwọn àléébù tó wà níbẹ̀ lọ, àti pé bí ènìyàn márùn-ún bá wò ó, ohun tí wọ́n rí máa ń tó bíi ìdá 75. Kì í ṣe pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ tí àwọn yòókù kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú ẹnì kan fò ni ojú ẹlòmíràn máa ń bà lé. Nítorí náà ló ṣe dá a lábàá pé kí a lo ènìyàn mẹ́ta sí márùn-ún.

Àwa mẹ́ta la ṣe tiwa: èmi, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀gbọ́n kan tó mọ iṣẹ́ áàpù dáadáa, tí wọ́n sì tún ti ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ti gbà pé àwọn tí yóò lo áàpù náà ni olùkọ́, ìyá ọlọ́jà àti àgbẹ̀, a sì ti mú iṣẹ́ méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti ṣe: kí ó fi ₦5,000 pamọ́, kí ó sì tọrọ ẹ̀yáwó ₦150,000. Nígbà tí a kó ìwé wa jọ, mo ti rí àléébù mẹ́sàn-án, obìnrin náà rí mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n rí mọ́kànlá. A yọ èyí tó bára wọn mu, ó sì ku mẹ́tàdínlógún. Mẹ́ta péré ni gbogbo wa jọ rí nínú wọn. Mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹyọ ẹnì kan ló rí i.

Èyí tó wúwo jù lọ wà níbi ìfowópamọ́, ó sì fara pamọ́ dáadáa nítorí pé àwòrán ibẹ̀ dára. Ojú kẹrin béèrè iye owó àti nọ́ńbà àṣírí, ó sì ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ «Fi ránṣẹ́» sí. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́ ni ojú karùn-ún yọ, tó sọ pé owó ti wọlé. Ó yá, ó mọ́, ó tẹ́ni lọ́rùn. Ṣùgbọ́n owó gidi kì í rìn báyẹn. Ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà nínú ọjà lè dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ìdáhùn tó dé, wọn kò sì ya ojú kankan fún ìṣẹ́jú kan náà. Kò sí ohun tó sọ pé owó ń lọ, bọ́tìnì kò yí àwọ̀ padà, kò sì sí ojú kankan fún ọjọ́ tí owó bá kọ̀ tí kò lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe bó bá tẹ bọ́tìnì tí kò rí nǹkan kan ni pé yóò tún un tẹ̀. Bí a kò bá dí ọ̀nà, ₦5,000 á di ₦10,000, aáwọ̀ á sì dé láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti akápò. Ìlànà méjì ló fara gbá níbẹ̀: èyí tó ní kí áàpù máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé, àti èyí tó ní kí a dènà àṣìṣe. Kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀, a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yà á bóyá ṣe ni wọn kò tíì débẹ̀ tàbí wọn kò rò ó rárá, nítorí pé lórí àwòṣe, ohun tí a kò tíì yà àti ohun tí a gbàgbé jọ ara wọn. Wọ́n ní àwọn kò rò ó.

Èkejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Ojú kejì nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ní kí a kọ orúkọ «ẹni ìtọ́kasí» méjì. Èmi kọ orúkọ sí i, mo sì ń lọ; n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló rí i, nítorí pé wọ́n mọ ẹgbẹ́. Onídùúró ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pe ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ẹlòmíràn, wọ́n sì mọ̀ pé bí ẹni tó yáwó kò bá san án, lára onídùúró ni wọn yóò ti gbà á. Ẹni tó bá rí «ẹni ìtọ́kasí» yóò kọ orúkọ pásítọ̀ rẹ̀ tàbí ti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, fọ́ọ̀mù rẹ̀ á padà sí i lọ́wọ́, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn lè gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun síbẹ̀ láìmọ̀ pé gbèsè ni òun fọwọ́ sí.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ èyí tó wúwo ju èkejì lọ? Máàkì tí Nielsen fi lélẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 4. Òdo túmọ̀ sí pé ẹni tó ń fún un ní máàkì kò gbà pé àléébù ni rárá. Ọ̀kan jẹ́ ohun ojú lásán, tí a lè tún ṣe bí àyè bá wà. Méjì jẹ́ ìnira kékeré, mẹ́ta jẹ́ ìnira ńlá tó yẹ kí a tètè mójú tó, mẹ́rin sì ni èyí tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí áàpù jáde láìtún un ṣe. Kí ènìyàn tó mú ọ̀kan nínú wọn, ó ní láti ro nǹkan mẹ́ta pa pọ̀: bóyá ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò bá a pàdé tàbí díẹ̀, bóyá ẹni tó bá bá a pàdé lè tètè jáde nínú rẹ̀, àti bóyá yóò kọ́gbọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí ìnira náà yóò máa padà wá bá a ní gbogbo ìgbà. Ìlànà tí àléébù kan ṣẹ̀ sí kò sọ bó ti wúwo tó. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń rò pé nítorí pé ìlànà kan ló ṣáájú nínú ìwé, ohunkóhun tó bá ṣẹ̀ sí i ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Máàkì náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá a fún un lẹ́yìn tí àwọn àléébù bá ti wà lójú kan, a ó wá pa wọ́n pọ̀ kí a tó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Fún bọ́tìnì «Fi ránṣẹ́», a fún un ní 4, 4 àti 3, èyí tó jẹ́ 3.7. Ọ̀rọ̀ onídùúró gba 3, 4 àti 3, ó jẹ́ 3.3. Ọfà tó ń mú ènìyàn padà sẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, tó sì ń pa gbogbo ohun tí a ti kọ rẹ́, gba 3 lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà ni àléébù kan tí a kọ sílẹ̀ pé «bọ́tìnì ojú kẹta nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó yàtọ̀ sí ti ibòmíràn». Èmi fún un ní 1, obìnrin náà fún un ní 1, ẹ̀gbọ́n sì fún un ní 3. Bí a bá pín in, 1.7 ni yóò jẹ́, yóò sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ìwé láìsí ẹni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n nígbà tí máàkì bá jìnnà síra báyẹn, mo gbà pé kò yẹ kí a pín in kí a tó béèrè ìdí. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ rí? Wọ́n gba fóònù, wọ́n sì fi hàn mí. Ní gbogbo ojú yòókù, «Tẹ̀síwájú» ló wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, «Fagi lé» wà lápá òsì. Lójú kẹta yìí nìkan, wọ́n ti gba ipò ara wọn. Èmi ti rí i pé àwọ̀ bọ́tìnì yí padà láti ewéko sí ọsàn, ojú mi kò sì kúrò lórí àwọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà kíákíá bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè, àtàǹpàkò wọn sì ti mọ́ apá ọ̀tún lára, ni wọ́n bá fagi lé ẹ̀yáwó tí wọ́n ti kọ tán. Wọ́n ní: «Àbúrò, ojú lo fi wo bọ́tìnì yẹn. Àtàǹpàkò ni mo fi wò ó.»

Ohun méjì ló wà nínú gbólóhùn kan. A pín in sí méjì, ìwé wa sì di àléébù méjìdínlógún. Ti àwọ̀ gba 1, 0 àti 1. Ti ipò bọ́tìnì gba 3, 3 àti 2. Ẹni tó fún un ní 2 sọ pé ẹni tó bá fagi lé e lẹ́ẹ̀kan yóò ṣọ́ra nígbà kejì, ọ̀rọ̀ náà sì mọ́gbọ́n dání, nítorí pé ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí a ní kí a rò ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí máàkì tó fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni bóyá àléébù méjì ni a dì sínú ẹrù kan.

Òdo náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Obìnrin tó wà láàárín wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé, nígbà tó jẹ́ pé Èkìtì ni wọn yóò ti lo áàpù yìí, ó yẹ kí ó sọ èdè Èkìtì, kí ó kọ «ulé» àti «uṣu» bí a ti ń pè é nílé, nítorí pé ìlànà ní kí áàpù sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń lò ó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí pé ohùn ilé dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, Yorùbá àjùmọ̀lò ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kà nínú Bíbélì àti nínú ìwé tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀. Ohùn Èkìtì ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sábà kà á. Àwa méjì fún un ní 0, òun náà sì sọ ọ́ di 0 lẹ́yìn àlàyé. A fi í sílẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú máàkì rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa tún gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun.

Ó ku bí a ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ní ti ara mi, mo kọ pé: «Ojú ìfowópamọ́ kò yé ènìyàn, ẹ tún un ṣe.» Ẹni tó bá gba gbólóhùn yìí kò mọ ojú tí mo ń wí, kò mọ ohun tí mo tẹ̀, kò mọ ẹni tí kò yé. Báyìí ni ó ti rí nígbà tí a tún un kọ:

«Àléébù 1. Ojú kẹrin, ìfowópamọ́. A kọ ₦5,000 àti nọ́ńbà àṣírí, a tẹ «Fi ránṣẹ́», ojú karùn-ún sì yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ojú fún àkókò tí owó ń lọ, kò sì sí ojú fún ìgbà tí kò bá lọ. Ìlànà: fífi ibi tí iṣẹ́ dé hàn, dídènà àṣìṣe. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà fún lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí owó rẹ̀ sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Máàkì 3.7 (4, 4, 3). Àbá: kí bọ́tìnì náà kú lẹ́yìn ìtẹ̀ àkọ́kọ́, kí ojú fóònù sì sọ pé owó ń lọ, kí a má tún un tẹ̀.»

Àbá ló gbẹ̀yìn níbẹ̀, a sì yà á sọ́tọ̀. Ohun tí a rí ni ẹ̀rí wa. Bí wọn yóò ṣe tún un ṣe, àwọn ayàwòrán ló ni iṣẹ́ yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n mọ ọ̀nà tó dára ju tiwa lọ. Bí máàkì ṣe ga sí ni a tò wọ́n, a kò tò wọ́n bí ojú áàpù ṣe tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé ẹni tó bá ka ojú ìwé kan péré kí iṣẹ́ mìíràn tó pè é gbọ́dọ̀ ti rí èyí tó lè gba owó ènìyàn. A kò sì da bí àléébù ti wúwo tó pọ̀ mọ́ bí àtúnṣe rẹ̀ ti rọrùn tó. Wọ́n ṣe àtúnṣe àwọ̀ bọ́tìnì, tí máàkì rẹ̀ kò pé 1, lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé, nígbà tí ti «Fi ránṣẹ́» ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn tó ń bójú tó owó sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò burú, kìkì pé ipò «Fi ránṣẹ́» nínú ìwé kò yí padà nítorí pé ó ṣòro.

Irú àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwa mẹ́ta kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà, ohun tí a sì kọ jẹ́ ìméfò nípa ohun tó lè ni ènìyàn lára, títí a ó fi rí i tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n tún àwòṣe náà yà, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ọjà Ọba kí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dán an wò, kò sẹ́ni tó dúró lórí bọ́tìnì ojú kẹta mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ gba fóònù, ó fi owó tirẹ̀ pamọ́ láìsí wàhálà, ó wá béèrè ibi tí òun yóò ti fi ti àwọn méjì tó kù sí, nítorí pé òun ló máa ń san ti ìyàwó ọmọ òun àti ti aládùúgbò òun tí kò ní fóònù. Kò sí àyè fún ẹlòmíràn nínú áàpù náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú ìlànà mẹ́wàá tó darí ojú wa síbẹ̀. A kọ ọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí àléébù kọkàndínlógún, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́dọ̀ ẹni tó ń lò ó ni a ti rí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dá máàkì tirẹ̀ fún un, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ 3.